Hámà-mìlì dé pẹ̀lú mọ́tò tí kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ bèèrè: kí lẹ lè gbà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìlọ fíìdì kékeré ni mo ní n'Íléṣà. Mo ní kí ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó bá mi ṣe hámà-mìlì tí yóò máa lọ tọ́ọ̀nù kan ní wákàtí kan, mọ́tò 15kW, 415V, 50Hz, gbogbo ẹ̀ wà nínú ínfọ́ìsì. Ó ti pé oṣù kan tó dé, kò lọ ju àpò mẹ́rìnlélógún lọ ní wákàtí, mọ́tò ń gbóná bíi kó jó, ó sì máa ń já. Onínáà mi wò ó, ó ní 380V 60Hz ló wà lára pléètì ẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ní Nẹ́pà wa ni ò dáa. Oníbàárà ti ń lọ, mo ṣì jẹ wọ́n ní mílíọ̀nù méjì náírà. Ṣé kí n dá a padà ni, àbí kí ni mo lè gbà lọ́wọ́ wọn?

Ìdáhùn:

Ẹ kú wàhálà o. Oṣù kan ti pọ̀ jù fún ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀rọ jẹun, torí náà ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí pléètì yẹn, torí òun gan-an ni ẹjọ́ yín. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun lónìí ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kó hàn kedere, kí ẹ ya fọ́tò gbogbo ara ẹ̀rọ náà pẹ̀lú nọ́mbà tó wà lára ẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ara yín lórí í-meèlì kí ọjọ́ lè wà lára ẹ̀. Mo ti rí i níbi tí tẹkiníṣíàn ti wá "ṣe sáfíìsì", tó sì yọ pléètì lọ.

Ẹ wò ó, iná tí wọ́n ń pín fún wa ní Nàìjíríà 50Hz ni, bóyá Íléṣà lẹ wà o tàbí Kánò. Jẹnẹrétọ̀ dísù tẹ́ ẹ ní náà, 50Hz ni wọ́n ṣe é fún. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún 60Hz, bí ẹ bá fi sórí iná wa, ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà eré ẹ̀ ló máa sá. Tí wọ́n bá kọ 1,750 sí pléètì pé iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn, nǹkan bí 1,450 sí 1,460 lẹ máa rí. Pọ́lì tí wọ́n fi sí i, eré 60Hz ni wọ́n fi ṣírò ẹ̀, torí náà bí hámà inú lọ́hùn-ún bá yẹ kó máa yí ní 3,000, 2,500 ló ń yí. Àgbàdo ò wá ní tètè fọ́, á máa yí kiri nínú ilé hámà kó tó kéré tó láti jò gba inú asẹ́, ìyẹn lẹ fi ń rí àpò mẹ́rìnlélógún dípò ogójì. (Àpò fíìdì kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mò ń kà, ogójì irú ẹ̀ ló ń jẹ́ tọ́ọ̀nù kan.)

Ti gbígbóná yẹn wá yàtọ̀, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Mọ́tò máa ń gba agbára sínú irin ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí fóòtì tẹ́ ẹ fún un ṣe rí sí Hz. 380 pín sí 60, ohun tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn, ó lé díẹ̀ ní 6.3. Ẹ wá fún un ní 415 pín sí 50, ìyẹn 8.3. Ó ti fi nǹkan bí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lé sí ohun tí irin inú ẹ̀ lè gbé. Irin náà á kún, mọ́tò á wá máa fa iná tó pọ̀ láìṣe iṣẹ́ kankan, ooru ló máa fi gbogbo ẹ̀ ṣe. Ìdí nìyẹn tó fi ń já, kì í ṣe torí pé ẹ ń rọ àgbàdo sí i jù.

Níbí lẹ ti máa dá ọ̀rọ̀ "Nẹ́pà yín ni" lóhùn, ó sì rọrùn. Ẹ pe ẹnjiníà iná kan tí kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ yín, tó ní orúkọ àti sítáǹpù, kó wá ṣe nǹkan mẹ́ta lójú yín. Kó yọ bẹ́líìtì, kó jẹ́ kí mọ́tò yí lásán láìsí ẹrù, kó fi mítà tí wọ́n fi ń gbá wáyà mú wo iná tó ń fà. Mọ́tò tó bá dáa, tó jẹ́ ti iná wa, bó bá ń yí lásán, kò yẹ kó fà tó ìdajì iye tí wọ́n kọ sí pléètì ẹ̀, tiyín á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye orí pléètì yẹn tàbí kó kọjá ẹ̀. Kó wọn fóòtì láàrin wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kó gbé gbogbo ẹ̀ sórí jẹnẹrétọ̀ kó tún un ṣe. Tó bá jẹ́ pé Nẹ́pà tí ò tó ló fà á lóòótọ́, ó yẹ kó dáa sí i lórí jẹnẹrétọ̀ tó ń pèsè 415 pé pérépéré, ṣùgbọ́n gbígbóná ló máa pọ̀ sí i. Bí ẹ bá ti ní ìwé ẹ̀ pẹ̀lú sítáǹpù, kí wọ́n wá máa sọ̀rọ̀ Nẹ́pà. Ẹ tún jẹ́ kó fi ẹ̀rọ tó ń ka yíyí wo eré mọ́tò, kí ẹ sì lọ àgbàdo fún wákàtí kan gbáko pẹ̀lú asẹ́ kan náà tó bá ẹ̀rọ dé, kí ẹ wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n. Ẹ pè wọ́n wá síbi ìdánwò náà, ẹ fún wọn ní ọjọ́ àti àkókò lórí ìwé. Bí wọ́n bá wá, ó dáa, bí wọn ò bá wá, wọn ò ní lè sọ lẹ́yìn ọ̀la pé ẹ̀yìn àwọn lẹ ti ṣe é.

Nǹkan kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà gbọ́ látọkàn ni pé kí ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà o. Mo mọ̀ pé onínáà yín ti máa sọ pé "ẹ jẹ́ n fi pọ́lì tó tóbi sí mọ́tò, eré á padà." Eré á padà lóòótọ́, ooru ò ní kúrò, torí pé ẹ tún fi ẹrù kún mọ́tò tó ti ń jó tẹ́lẹ̀. Ẹlòmíì á ní kí wọ́n tún wáyà inú mọ́tò yí. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ṣe èyíkéyìí nínú ẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ sí i, ilé iṣẹ́ yẹn á ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́, wáráǹtì á lọ, lọ́yà wọn á sì sọ pé ẹni tó bá ti tú ẹ̀rọ palẹ̀ ti gbà á bíi tiẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "gbà á" yìí ló jẹ́ kí n kọ̀ láti sọ pé ẹ dá a padà báyìí. Òfin títa ọjà tá à ń lò ní Ọ̀ṣun, látọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ ìwọ̀ oòrùn àtijọ́ ló ti wá, ìyẹn náà sì tọ òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1893 lẹ́yìn. Ohun tó sọ ni pé tí ẹ bá fi àpèjúwe ra ọjà, ọjà tí wọ́n gbé wá gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe náà mu, tí kò bá bá a mu, ẹ lè kọ̀ ọ́, kí ẹ gba owó yín. Tiyín wà nínú ínfọ́ìsì, 50Hz, 415V, tọ́ọ̀nù kan. Kò sí àpèjúwe tó ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n òfin kan náà sọ pé ẹ̀tọ́ kíkọ̀ yẹn máa ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni nígbà tó bá ti sọ fún ẹni tó tà á pé òun gbà á, tàbí tó bá ṣe ohun tó fi hàn pé òun ló ni í báyìí, tàbí tó bá gbé e sílẹ̀ tí àkókò tó bọ́gbọ́n mu kọjá láìsọ nǹkan. Ẹ ti fi lọ fíìdì tẹ́ ẹ tà fún oṣù kan. Mo gbà pé ẹ ń dán an wò ni, ẹ sì ń pariwo sí wọn lórí fóònù, ìyẹn á ràn yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n adájọ́ lè rò ó síbòmíì. Bí ẹ̀tọ́ àtikọ̀ bá ti lọ, gbogbo ẹ̀ ò tíì lọ o: ẹ ṣì lè gba owó gbà-má-bínú, ẹ sì lè yọ ọ́ nínú owó tẹ́ ẹ jẹ wọ́n. Ohun tó lọ ni gbígbé ẹ̀rọ náà padà fún wọn kí ẹ gba gbogbo owó.

Ẹ wá wò ó bí oníṣòwò. Ara ẹ̀rọ yẹn, hámà ẹ̀, asẹ́ ẹ̀, férémù ẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Mọ́tò àti pọ́lì ni ìṣòro. Ẹ̀rọ tuntun láti ibòmíì, ẹ tún máa dúró dè é. Èrò tèmi ni pé kí ẹ bèèrè fún mọ́tò tó tọ́ àti pọ́lì tó bá a mu, kí ẹ sì kọ ọ́ kedere pé tí wọn ò bá ṣe é láàrin ọjọ́ tẹ́ ẹ dá, ẹ máa kọ gbogbo ẹ̀rọ náà. Ọ̀nà kejì wà o, kí wọ́n fi dráìfù sí i, àpótí tó ń yí 415V 50Hz tiwa padà sí 380V 60Hz kó tó dé mọ́tò. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa tí wọ́n bá tò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n eruku fíìdì kì í ṣe ọ̀rẹ́ dráìfù, ó gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí tó pa dé tàbí kó wà lẹ́yìn ògiri, bó bá sì bàjẹ́ láàárín ìgbà táwọn èèyàn ń ra fíìdì, ẹ ò ní rí ẹni tó máa tún un ṣe ní Íléṣà lọ́jọ́ kan. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹ, owó wọn ni, wáráǹtì ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé. Èmi mọ́tò ni mo máa gbà.

Lẹ́tà wá kù. Fóònù àti fọ́ìsì nóòtì ò tó. Ẹ kọ ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí í-meèlì ilé iṣẹ́ náà, ẹ fi sórí Wọ́sáàpù ẹni tó ta á fún yín, ẹ tún fi kúríà gbé ojúlówó ẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn kí wọ́n buwọ́ lu ìwé gbígbà. Ẹ má fi èébú sí i, ẹ má fi àdúrà sí i, ẹ má sì sọ pé ẹ jọ̀ọ́ ẹ ràn wá lọ́wọ́. Ohun tó máa wà níbẹ̀ ò pọ̀. Ó lè lọ báyìí:

"Ní ọjọ́ báyìí a ra hámà-mìlì lọ́wọ́ yín lórí ínfọ́ìsì nọ́mbà báyìí, pẹ̀lú mọ́tò 15kW, 415V, 50Hz, tí yóò máa lọ tọ́ọ̀nù kan ní wákàtí. Ẹ̀rọ tó dé lọ́jọ́ báyìí ní mọ́tò 380V, 60Hz, fọ́tò pléètì ẹ̀ nìyí. Ìdánwò tí ẹnjiníà ṣe lọ́jọ́ báyìí fi hàn pé 600 kílò ló ń lọ ní wákàtí, mọ́tò sì ń gbóná láìsí ẹrù, ìwé ẹ̀ nìyí. Ohun tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ò bá àdéhùn mu. À ń lo ẹ̀rọ náà níwọ̀nba láti dín àdánù wa kù, kì í ṣe pé a gbà á, a ò sì tíì jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ wa láti kọ̀ ọ́. Ẹ pààrọ̀ mọ́tò àti pọ́lì láàrin ọjọ́ mẹ́rìnlá, ní owó yín, nílé iṣẹ́ wa. Owó tó kù lọ́wọ́ wa, a dì í mú nítorí àìṣedéédéé yìí, a ó sì yọ àdánù wa nínú ẹ̀. Ìṣirò àdánù náà ń bọ̀."

Gbólóhùn owó yẹn, ẹ má fò ó. Òfin gbà yín láyè láti fi àdánù dín iye tẹ́ ẹ jẹ kù, ṣùgbọ́n ẹni tó kàn dákẹ́ tí ò san, ajigbèsè ló máa jọ nínú fáìlì wọn. Ẹni tó kọ̀wé pé òun dì í mú nítorí báyìí báyìí, ó ti sọ ìdí. Mílíọ̀nù méjì yẹn ni agbára tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́ báyìí, ẹ má san án nítorí pé wọ́n ní "ẹ san án ká tó gbé mọ́tò wá."

Ó kan ìṣirò àdánù, ibí sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ba ẹjọ́ tó dáa jẹ́. Wọ́n á ní ẹ̀rọ náà ò jẹ́ kí n ṣe àpò mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún lójúmọ́, àpò kan 15,000, ní ọjọ́ mẹ́rìnlélógún, ó di mílíọ̀nù mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n náírà ó lé. Tí ilé iṣẹ́ náà bá rí iye yẹn fún ẹ̀rọ tí ò tó mílíọ̀nù mẹ́wàá, wọ́n á ti ìwé yín sẹ́gbẹ̀ẹ́, lọ́yà wọn á sì fún wọn ní gbogbo ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é bó ṣe yẹ, ẹ fi iye tiyín rọ́pò tèmi. Ká ní ẹ ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. Ẹ̀rọ tó tọ́ á ṣe 240 àpò, èyí tẹ́ ẹ ní ń ṣe 144. Àlàfo ẹ̀ jẹ́ 96. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ lè ta 240? Ìwé títà yín, àwọn mẹ́sẹ́ẹ̀jì oníbàárà tó ní kẹ́ ẹ gbé fíìdì wá, àwọn tẹ́ ẹ kọ̀wé fún pé kò sí, ìyẹn ló máa sọ. Ká ní gbogbo ẹ̀ fi hàn pé 200 ló máa tà lójúmọ́. Àlàfo yín di 56, kì í ṣe 96. Àdánù ò lè ju ohun tí ọjà fẹ́ rà lọ́wọ́ yín lọ.

Nínú 56 yẹn, ká ní ẹ gbé àgbàdo 30 àpò lọ sí ilé ìlọ ẹlòmíì ní Ilé-Ifẹ̀ lójúmọ́ kí oníbàárà má baà lọ. Ẹ ti ta ọgbọ̀n yẹn, èrè ẹ̀ ò lọ, ohun tẹ́ ẹ pàdánù lórí ẹ̀ ni owó ìlọ àti ọkọ̀ tó fi lé sí ohun tí ìlọ tiyín ń ná yín. Tó bá jẹ́ 400 náírà lórí àpò kan, 12,000 nìyẹn lójúmọ́. Ó kù 26 àpò tí ò tà rárá. Lórí wọn, kì í ṣe 15,000 lẹ máa bèèrè, torí pé ẹ ò ra àgbàdo, sóyà, ẹja lílọ̀, àpò àti dísù tí ẹ̀ bá fi ṣe wọ́n. Tí gbogbo ìyẹn bá jẹ́ 13,500, èrè tó kù jẹ́ 1,500. 26 lọ́nà 1,500 jẹ́ 39,000. Àpapọ̀ ọjọ́ kan 51,000. Fún ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rìnlélógún, 1,224,000. Ẹ fi owó ẹnjiníà tó ṣe ìdánwò kún un, ká ní 60,000, ó di 1,284,000 náírà. Ìyẹn ò tó mílíọ̀nù méjì tó wà lọ́wọ́ yín, ṣé ẹ rí i pé ìwé tó mọ́ ń fún yín lágbára ju ariwo lọ.

Ẹ má tún fi owó oṣù àwọn ọmọ iṣẹ́ àti rẹ́ǹtì kún un lọ́tọ̀. Owó yẹn, ẹ̀ bá san án bí ẹ̀rọ bá tilẹ̀ dáa, inú 1,500 yẹn lẹ ti máa ń san án. Tí ẹ bá tún kà á, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ti gba owó kan, àwọn ni wọ́n máa rí i tí wọ́n á wá fi sọ pé gbogbo ìṣirò yín ò ṣeé gbẹ́kẹ̀lé. Àfi owó ọ̀fátáìmù, ìyẹn tẹ́ ẹ bá tìtorí àìtó ẹ̀rọ jẹ́ káwọn ọmọ dúró di alẹ́, ìyẹn ẹ lè kà á. Ẹ sì máa gbìyànjú láti dín àdánù kù bẹ́ẹ̀, torí adájọ́ á bi yín pé kí lẹ ṣe nínú oṣù kan yẹn, kò sì ní fún yín lówó lórí ohun tí ẹ̀ bá lè yẹra fún láìná owó ńlá. Ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé lójoojúmọ́, wákàtí tó ṣiṣẹ́, àpò tó jáde, iye ìgbà tó já, ẹni tó wá rà tí ò rí. Ìwé tí wọ́n kọ lọ́jọ́ náà lágbára ju èyí tí wọ́n jókòó ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Ẹ ò sọ fún mi bóyá ẹnì kan wà tẹ́ ẹ bá ṣe àdéhùn ńlá, àpẹẹrẹ oko adìyẹ kan ní Òṣú tó ní kẹ́ ẹ máa gbé ọgọ́rùn-ún àpò wá lọ́sẹ̀ ní iye tó ju ti ọjà lọ. Tí irú ẹ̀ bá wà, òfin ní ìlànà kan lórí ẹ̀, ẹjọ́ kan ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní 1854 ló ti bẹ̀rẹ̀, ilé ẹjọ́ wa náà sì ń tẹ̀lé e. Àwọn kan ní ọlọ ní Gúlósítà, irin tó ń yí ọlọ náà kán, wọ́n fún àwọn agbẹ́rù gbé kí wọ́n lọ fi ṣe àpẹẹrẹ fún tuntun, àwọn agbẹ́rù pẹ́, ọlọ dúró. Wọ́n bèèrè èrè tí wọ́n pàdánù, ilé ẹjọ́ ní rárá, torí pé àwọn agbẹ́rù ò mọ̀ pé ọlọ ti dúró pátá tó ń retí irin yẹn nìkan. Ní 1949 ilé ìfọṣọ kan ra bọ́ílà, bọ́ílà ò dé lásìkò. Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n gba èrè tí ilé ìfọṣọ máa ń rí lójoojúmọ́, torí ẹni tó ta bọ́ílà fún ilé ìfọṣọ mọ̀ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, ṣùgbọ́n àwọn iṣẹ́ aró pàtàkì tówó ẹ̀ pọ̀, tí ẹni tó ta bọ́ílà ò gbọ́ nípa ẹ̀ rí, wọn ò fún wọn ní iye ńlá yẹn.

Tiyín ni pé ẹni tó ṣe hámà-mìlì tọ́ọ̀nù kan fún ilé ìlọ fíìdì mọ̀ pé fíìdì lẹ fẹ́ lọ tà. Èrè ojoojúmọ́ ò níí ṣòro. Ti oko Òṣú ló máa dá lórí bóyá ẹ sọ fún wọn nígbà tẹ́ ẹ ń ra ẹ̀rọ náà, kì í ṣe lẹ́yìn tó dé. Ẹ lọ yẹ Wọ́sáàpù yín wò sẹ́yìn, kí ẹ tó san owó àkọ́kọ́. Tí mẹ́sẹ́ẹ̀jì kan bá wà pé "ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kó tètè dé, mo ní oníbàárà ní Òṣú tó fẹ́ máa gba ọgọ́rùn-ún àpò lọ́sẹ̀," ẹ fi pamọ́ bí owó. Tí ò bá sí, ẹ bèèrè èrè lásán lórí àwọn àpò yẹn, ẹ fi iye ọjà ṣírò ẹ̀, ẹ má fi àdéhùn yẹn ba èyí tó dájú jẹ́.

Wọ́n á tún na ìwé kan sí yín pé "ilé iṣẹ́ ò ní san àdánù iṣẹ́." Ẹ wo ibi tó wà. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn wéébílì tí awakọ̀ gbé wá lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ dé, àdéhùn ti parí kó tó dé, kò di yín mú. Tó bá wà nínú ìwé tẹ́ ẹ buwọ́ lù kí ẹ tó san owó, ìyẹn le díẹ̀, ó lè dí owó èrè náà lọ́nà, ṣùgbọ́n ẹ ṣì lè gba mọ́tò tó tọ́, torí kì í ṣe àdánù iṣẹ́, ohun tẹ́ ẹ rà gan-an ni. Lọ́yà ló gbọ́dọ̀ ka ìwé yẹn, kó ka gbólóhùn náà pẹ̀lú gbogbo ohun tó yí i ká. Ẹ tún wò ó bóyá àdéhùn ní kẹ́ ẹ lọ síwájú alárinà kan kẹ́ ẹ tó lọ sí kọ́ọ̀tù, òfin 2023 lórí ìyẹn ṣì lágbára, kọ́ọ̀tù lè ní kẹ́ ẹ lọ síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó padà wá.

Ẹlòmíì á ní kẹ́ ẹ lọ fi ẹjọ́ sun àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà. Ẹ má fi ọjọ́ ṣòfò. Òfin àjọ yẹn, ti 2018, sọ ẹni tí oníbàárà jẹ́, ó sì yọ ẹni tó ra ọjà láti fi ṣe ohun mìíràn tó fẹ́ tà kúrò. Ẹ ra hámà-mìlì láti fi ṣe fíìdì tà, ẹ ò sí níbẹ̀. Àdéhùn yín àti òfin títa ọjà ni tiyín, lẹ́tà lọ́yà ló sì máa tẹ̀lé lẹ́tà tiyín tí ọjọ́ mẹ́rìnlá bá kọjá.

Nínú irú ọ̀rọ̀ tó ní pléètì tó hàn bí èyí, wọ́n sábà máa ń fẹ́ parí ẹ̀ láìdé kọ́ọ̀tù. Wọ́n á gbé mọ́tò wá, wọ́n á dín díẹ̀ nínú mílíọ̀nù méjì. Ẹ gbà á tó bá tọ́ síra, ṣùgbọ́n tẹkiníṣíàn tó gbé mọ́tò wá máa ní fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ tó ní kẹ́ ẹ buwọ́ lù lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹ tó mú bíírò, ẹ ka pléètì mọ́tò tuntun, 415V tàbí 400V, 50Hz, 15kW. Kí ẹnjiníà yín yọ bẹ́líìtì kó tún wọn iná tó ń fà lásán. Kí ẹ rọ àgbàdo sí i fún wákàtí kan, ogójì àpò ló gbọ́dọ̀ jáde pẹ̀lú asẹ́ yẹn kan náà. Lẹ́yìn náà ẹ ka fọ́ọ̀mù náà dé ìsàlẹ̀, tí ẹ bá rí i níbẹ̀ pé "gbogbo ọ̀rọ̀ ti parí, kò sí owó kankan mọ́," nígbà tí wọn ò tíì kọ iye tí wọ́n dín fún yín, ẹ fa ìlà sí gbólóhùn yẹn, ẹ kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pé "mo gba mọ́tò nìkan, ọ̀rọ̀ àdánù ṣì wà," ẹ buwọ́ lù ú síbẹ̀, kí tẹkiníṣíàn náà buwọ́ lu tiẹ̀, ẹ sì ya fọ́tò ẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀.